Iṣu Dùndún, Iṣu Iyán: Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Sọ Ìkòkò Kalẹ̀

Ìfáárà

Àròkọ aṣàlàyé wà lára ohun tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ẹ̀ka Yorùbá, oúnjẹ sísè ni wọ́n sì máa ń yàn jù láti kọ. Bí a bá ní kí wọ́n kọ bí a ṣe ń gún iyán, wọn yóò kọ pé: 'Bẹ iṣu, gé e, gbé e ka iná títí yóò fi jinná.' Bí a bá ní kí wọ́n kọ bí a ṣe ń bọ iṣu kí a tó dín in, gbólóhùn yìí kan náà ni wọn yóò kọ. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá se iṣu rí, tí ó wá tẹ̀lé ohun tí ó kà, yóò ba oúnjẹ kan jẹ́ nínú méjèèjì. Iṣu tí ó ti tó fún dùndún kò tíì tó fún iyán, èyí tí ó sì ti tó fún iyán kò ṣe é dín mọ́.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà: bí ègé iṣu ṣe yẹ kí ó tóbi tó, iye ìṣẹ́jú tí yóò lò nínú omi híhó, àti bí a ṣe lè mọ̀ pé ó ti rọ̀ dé ibi tí a ń fẹ́. Iṣu funfun ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ewùrà ní omi nínú jù, kì í sì í ṣe iṣu tí àwọn àgbà fi ń gún iyán. A kò ní dá sí i níbí.

A mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, tútù ni wọ́n ti ń da iṣu sínú epo láìbọ̀ ọ́ rárá, dùndún náà a sì dùn. Kò sí ìjà nínú ìyẹn bí wọ́n bá gé iṣu náà ní pẹlẹbẹ, tí iná epo kò sì le jù. Ìgbà tí ègé bá nípọn ni wàhálà máa ń dé. Epo tí a fi ń dín nǹkan gbóná ju omi híhó lọ dáadáa, nítorí náà ara iṣu yóò ti pọ́n, yóò tilẹ̀ fẹ́ máa jó, nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń dún kùmọ̀kùmọ̀ lẹ́nu. Nítorí àárín yìí ni a ṣe ń bọ̀ ọ́.

Bíbọ̀, sísè, jíjinná, rírọ̀

Èdè wa ti pín ọ̀rọ̀ náà fún wa bí a bá fẹ́ lò ó. Nínú bébà yìí, bíbọ̀ ni kí a fi omi híhó kan nǹkan fún ìgbà díẹ̀ kí a sì yọ ọ́ kí ó tó rọ̀ tán. Sísè ni kí a jẹ́ kí ó wà nínú omi náà títí yóò fi rọ̀ délẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan ń pe iṣu sísè ní iṣu bíbọ̀, bí a ṣe ń sọ pé ẹyin bíbọ̀, a kò sì lè sọ pé wọ́n ṣì í. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ẹlòmíràn yóò tẹ̀lé, ó dára kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Jíjinná àti rírọ̀ náà kì í ṣe ohun kan náà. Iṣu lè jinná kí ó má tíì rọ̀. Ẹni tí ó ń jẹ iṣu pẹ̀lú epo àti iyọ̀ kò ní bínú sí iṣu tí ó jinná tí ó ṣì le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ọmọrí odó dání yóò bínú sí i.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣu

Bí a bá lè fi ojú rí inú iṣu dáadáa, yóò dà bí ilé tí ó ní yàrá kéékèèké púpọ̀. Àwọn yàrá yìí ni sẹ́ẹ̀lì. Sítáàṣì wà nínú wọn ní hóró-hóró, bí ìyẹ̀fun tí a dì sínú àpò. Ohun kan tí ó dà bí àtè sì wà láàárín ògiri yàrá kan àti èkejì, òun ni ó so gbogbo wọn pọ̀ tí iṣu tútù fi le.

Nígbà tí a bá gbé iṣu ka iná, nǹkan méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀, wọn kì í sì í parí lẹ́ẹ̀kan náà. Èkínní ni pé hóró sítáàṣì ń mu omi, ó ń wú, ó sì ń di ohun tí ó ń fà. Èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí inú iṣu bá gbóná tó nǹkan bíi 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, nígbà tí omi híhó jẹ́ 100. Èkejì ni pé àtè tí ó so àwọn yàrá pọ̀ ń yọ́. Èyí kì í tètè ṣẹlẹ̀. Ó ń fẹ́ kí iṣu wà nínú ooru tí ó sún mọ́ ti omi híhó fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀.

Inú àlàfo tí ó wà láàárín nǹkan méjèèjì yìí ni iṣu dùndún wà. A fẹ́ kí sítáàṣì tí ó wà lára ègé náà wú, kí ooru sì ti wọ àárín rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí àtè náà ṣì dì í mú kí ègé má bàa tú sínú epo. Epo ni yóò parí ìyókù. Fún iyán, a fẹ́ kí méjèèjì parí pátápátá: kí sítáàṣì wú dé àárín gbùngbùn, kí àtè sì yọ́. Ìgbà náà ni ọmọrí odó yóò lè fọ́ àwọn yàrá náà, tí sítáàṣì wọn yóò jáde, tí yóò so pọ̀ mọ́ra, tí iyán yóò sì máa fà. Hóró tí kò bá tíì wú nígbà tí a dà á sínú odó kò ní wú mọ́, bí a tilẹ̀ ń gún un di ọ̀la. Òun gan-an ni à ń pè ní kókó inú iyán.

Bí a ṣe ń gé e

Ooru kì í sáré nínú iṣu. Láti ara ni ó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àkókò tí ó sì ń lò kí ó tó dé àárín kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú bí ègé ṣe nípọn tó. Bí ègé kan bá fi ìlọ́po méjì nípọn ju èkejì lọ, àkókò tí ooru yóò fi dé àárín rẹ̀ máa ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ègé ńlá kan ṣoṣo tí a gé láìfiyèsí fi lè ba odidi odó iyán jẹ́: gbogbo ìyókù ti rọ̀, òun nìkan ni kò rọ̀, inú odó ni a ó sì ti mọ̀.

Fún dùndún, a dá a lábàá kí ègé nípọn tó ìbú ìka àárín àgbàlagbà kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀, kí ó sì gùn tó ìka náà. Bí ó bá tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má bọ̀ ọ́ mọ́, ẹ dín in ní tútù. Bí ó bá sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, igun rẹ̀ yóò ti máa rọ̀ kí ooru tó kan àárín, igun yìí ni yóò sì kọ́kọ́ já sínú epo.

Fún iyán, ègé tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 ni ó dára. A ń gé iṣu ní òròǹbó kí a tó la òròǹbó kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ní gé e wẹ́wẹ́ kí ó lè tètè rọ̀ kò ṣe àṣìṣe pátápátá, ṣùgbọ́n bí ègé bá ṣe kéré tó ni omi yóò ṣe wọ inú rẹ̀ tó, iyán rẹ̀ a sì máa rọ̀ jù, a máa lẹ̀ mọ́ odó. Àwọn ìyá wa tí ń gé e gbàǹgbà-gbàǹgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Orí iṣu yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Orí ni ó kọ́kọ́ gbó, ó le, ó sì ní okùn nínú. Ìdí ni ó gbó kẹ́yìn, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀. Bí iṣu kan ṣoṣo bá ni a ní fún oúnjẹ méjèèjì, àárín rẹ̀ ni kí a yà sọ́tọ̀ fún iyán. Bí a bá sì ti bẹ ẹ́, inú omi ni kí a máa jù ú sí, nítorí iṣu tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lára máa ń dúdú.

Omi, iyọ̀ àti ìṣẹ́jú

Bí a bá fẹ́ bọ iṣu fún dùndún, omi ni kí ó kọ́kọ́ hó, kí ó pọ̀, kí iyọ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó da iṣu sí i. Bí omi bá kéré, iṣu tútù tí a dà sí i yóò pa híhó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a kò sì ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú. Láti ìgbà tí ó bá tún hó, ègé onísẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ ń fẹ́ ìṣẹ́jú 4 sí 6. Inú omi yìí ni iyọ̀ ti ń wọ iṣu. Iyọ̀ tí a bá wọ́n sí i lẹ́yìn tí a ti dín in kò kọjá ara rẹ̀.

Ti iyán kò rí bẹ́ẹ̀. A lè da iṣu sínú omi tútù kí a tó gbé e ka iná, kí omi kàn bò ó mọ́lẹ̀. A kì í fi iyọ̀ sí i. Kí a dé e pa. Láti ìgbà tí ó bá hó, ègé onísẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 máa ń gba ìṣẹ́jú 20 sí 25. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kí a fi bù ú sí i. Omi tútù a máa dá híhó dúró, iye ìṣẹ́jú tí a ti kà kò sì ní wúlò mọ́.

Ìṣẹ́jú tí a ń sọ yìí, amọ̀nà lásán ni, kì í ṣe òfin. Iṣu tuntun tí a wà jáde ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ní omi nínú, ó sì máa ń tètè rọ̀ ju iṣu tí ó ti wà lórí àká di oṣù kejì ọdún. Ibi tí a ti ń sè é náà ṣe pàtàkì. Àwọn tí ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju òkun lọ, mọ̀ pé oúnjẹ ń pẹ́ lórí iná lọ́dọ̀ wọn. Omi máa ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96, kì í dé 100, àtè inú iṣu kò sì ní tètè yọ́. Nítorí náà, aago ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí dán iṣu wò. Ọwọ́ àti ojú ni yóò sọ ìyókù.

Bí a ṣe ń dán rírọ̀ rẹ̀ wò

Fún dùndún, ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó ni a ń lò. Yọ ègé kan, fi ẹnu ọ̀bẹ gún un ní àárín. Ó yẹ kí ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó wá bá ohun tí ó le pàdé kí ó tó dé àárín. Bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́ rárá, ó kù. Bí ó bá wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan jáde sí ìkejì láìbá ìdènà pàdé, ó ti kọjá. Lẹ́yìn èyí, kí a dá ègé náà sí méjì. Iṣu tútù máa ń dá pà, ojú ibi tí ó dá a sì máa ń funfun bí ẹfun. Èyí tí a ti bọ̀ tó yóò tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dá, a ó sì rí i pé ara rẹ̀ ti yí padà, ó ń dán díẹ̀, nígbà tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì wà láàárín. Ìlà yìí ni ó yẹ kí a máa wá.

Fún iyán, ọ̀bẹ nìkan kò tó. Ọ̀bẹ mímú lè la iṣu tí kò tíì rọ̀ délẹ̀ kọjá, kí ó sì tan ẹni tí ó mú un dání. Ohun tí a fẹ́ràn ni kí a fi fọ́ọ̀kì gún ègé tí ó nípọn jù, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó wá láti ìhà orí iṣu, kí a gbé e sókè. Bí ó bá ń yọ̀ kúrò lẹ́nu fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, a ti sún mọ́ ọn. Kí a wá bu díẹ̀ láti àárín ègé náà gan-an, kí a jẹ́ kí ó tutù níwọ̀nba tí kò fi ní jó ọwọ́, kí a fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rà á. Bí ìka bá kan ohunkóhun tí ó rí bí iyanrìn, kókó nìyẹn. Kí a dé ìkòkò padà fún ìṣẹ́jú 3 sí 4 kí a tó tún un wò. Bí ó bá kúnná bí ìpara, kí a sọ ìkòkò kalẹ̀.

Iṣu iyán náà lè rọ̀ jù. Bí etí ègé bá ti ń họ, tí omi rẹ̀ sì ti ki bí omi ògì, iṣu ti ń mu omi kọjá ohun tí ó yẹ. Iyán rẹ̀ kò ní ní kókó, ṣùgbọ́n kò ní dúró. Yóò tẹ́ sílẹ̀ nínú abọ́ bí àsáró.

Iṣu kan, ìkòkò méjì

Láti fi ohun tí a ń sọ hàn, a gbé iṣu kan lọ sí ilé ìdáná pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Iṣu funfun tí wọ́n kó wá láti ọjà Sákì-Bíàmù ní Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè ni, ó wọn nǹkan bíi kílò 3, oṣù kejì ọdún sì ni, nítorí náà ó ti gbẹ dáadáa. A gé orí rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. A fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ fún iyán, a sì gé ìhà ìdí fún dùndún.

Ní ìkòkò dùndún, a yọ ègé kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti ìkẹta. Ti ìṣẹ́jú 3 dá pà, ó funfun láti etí dé etí àfi ara rẹ̀ lókè. Ti ìṣẹ́jú 5 ni ó tẹ̀ kí ó tó dá, ìlà funfun inú rẹ̀ sì ti tín-ín-rín. A kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jáde níbẹ̀, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi mẹ́fà sílẹ̀ di ìṣẹ́jú 12. A tẹ́ gbogbo wọn sínú ajere fún ìṣẹ́jú 10 kí oru lè gbé omi ara wọn lọ. Ẹ má fojú kéré èyí, nítorí omi tí ó bá kù lára iṣu ni ó ń mú kí epo máa ta síni lára, òun náà ni kì í jẹ́ kí ara dùndún le.

Àwọn tí a yọ ní ìṣẹ́jú 5 pọ́n nínú òróró, ara wọn ń dún, inú wọn sì rọ̀. Nínú mẹ́fà tí ó pẹ́, mẹ́ta fọ́ nígbà tí a fi ṣíbí yí wọn padà, ìyókù sì mu òróró tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé tí a tẹ́ sábẹ́ wọn fi rin. Àwọn yàrá inú wọn ti ya ara wọn sọ́tọ̀, epo sì rí ojú ọ̀nà.

Ní ìkòkò iyán, ọ̀bẹ ti ń wọlé ní ìṣẹ́jú 15, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ní ó ti tó. A fún wọn ní ègé mẹ́rin kí wọ́n lọ fi odó kékeré gún un. Wọ́n gún un títí òógùn fi bò wọ́n, kókó rẹ̀ kò lọ. Ní ìṣẹ́jú 20, ègé àárín kúnná lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n èyí tí ó sún mọ́ orí ṣì ní iyanrìn. Ìṣẹ́jú 24 ni gbogbo wọn tó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ Haúsá, tí wọ́n ń pe iyán ní sákúwárà nílé wọn, ni ó kọ́kọ́ sọ pé èyí ni ó dà bí ti ìyá òun.

A kò da omi iṣu nù. Gbígbóná ni a gún iṣu náà, díẹ̀díẹ̀ ni a ń kó o sínú odó, ìyókù sì wà nínú omi gbígbóná rẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí lórí. Iṣu tí ó bá tutù kí a tó gún un máa ń tún le, nítorí sítáàṣì tí ó ti wú máa ń dì padà bí ó bá ń tutù, ó sì lè mú kókó wá sínú iyán tí iṣu rẹ̀ rọ̀ dáadáa. A kò ta omi sí i títí tí gbogbo rẹ̀ fi fọ́ tí ó sì para pọ̀. Ìgbà náà ni a fi omi iṣu gbígbóná rọ̀ ọ́, ṣíbí méjì péré ni ó gbà.

Bí a bá wá ṣèèṣì jẹ́ kí iṣu dùndún kọjá ààlà, kò tíì bàjẹ́. Kí a má dín in. Kí a dá a padà sínú omi híhó kí ó rọ̀ délẹ̀, kí a sì fi ata àti epo sè é ní àsáró. Iyọ̀ tí ó ti wà nínú rẹ̀ kò ní dí àsáró lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò ní fi gún iyán. Iṣu iyán tí ó ti rọ̀ tán kò ní irú ọ̀nà àbáyọ bẹ́ẹ̀ sí ìhà dùndún: kò sí bí a ṣe lè mú àtè tí ó ti yọ́ padà wá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ìkòkò kan ṣoṣo bá wà fún oúnjẹ méjèèjì, iṣu dùndún ni kí wọ́n kọ́kọ́ bọ̀, kí wọ́n da omi oníyọ̀ rẹ̀ nù, kí wọ́n tó gbé ti iyán ka iná.